Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Iṣẹ́ Àkọ́kọ́

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, akọ̀wé ìjọ ló ń ka ìwé ìdúpẹ́. Ẹbí á kọ ọ́ sórí bébà, wọ́n á fi í sínú àpòòwé pẹ̀lú owó ọpẹ́, wọ́n á fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá kan ìkéde, akọ̀wé á gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, á ní ẹbí Lágbájá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọmọ wọn ríṣẹ́. Ọmọ náà á dorí kodò lórí ìjókòó. Kò sọ nǹkan kan, nítorí wọ́n ti bá a sọ ọ́ tán. Lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí, bàbá ló ń pe àfáà wá ṣàdúà, àfáà ló ń dárúkọ ọmọ, sàráà ló sì ń gbé ìròyìn náà láti ilé dé ilé. Ní ọjà Tápà, ìyá lásán ti tó. Ẹni tó wá ra ata á gbọ́, ẹni tó kàn ń kọjá lọ náà á gbọ́.

Fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ tó ríṣẹ́ ló ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, òun náà ló ń gbé e síta. Òun ni ìyàwó, òun tún ni alága ìdúró. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú nìyẹn tí wọ́n fi ń jókòó ti ìlà mẹ́ta fún odidi ìrọ̀lẹ́. Inú wọn ń dùn, ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n pariwo, àmọ́ a kò tọ́ wọn dàgbà láti máa fi ẹnu ara wọn yin ara wọn.

*

Àwọn ọmọ wa kan máa ń mú ọ̀rọ̀ wọn wá fún mi kí n bá wọn wò ó, torí pé mo ti kọ́ni rí, wọ́n sì gbà pé olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì nínú ká máa fi gègé pupa fa ìlà sídìí ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin Tápà tó ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní Pólì Ẹ̀rúwà tó sì ti sìnrú ìlú tán, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe gàrí àti ìyẹ̀fun. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Àwọn kan sọ pé kò lè ṣeé ṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n rí mi lọ́nà. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sùn. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọkàn ni mo fi ń kéde fún gbogbo ayé pé mo ti di ọ̀kan lára àwọn alákòóso ìṣúná ní ilé iṣẹ́ ńlá kan. Kò rọrùn rárá. Ẹ̀yin ọ̀tá, ẹ kú ìtìjú. Ògo ni fún Ọlọ́run."

Mo bi í pé àwọn wo ló yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ronú títí. Ó ní kò sí ẹni tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, pé bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ni. Mo bi í pé kí ni alákòóso ìṣúná ń ṣe láàárọ̀ tó bá dé ibi iṣẹ́. Ó ní tí ọkọ̀ bá gbé ẹ̀gẹ́ dé láti oko, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, òun á kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé, òun á sì wo iye tí ọ̀gá ìrajà kọ pé òun san fún àgbẹ̀, bóyá méjèèjì bára mu. Ó ní lọ́jọ́ kejì tí òun débẹ̀, òun rí i pé wọ́n ti kọ ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Bó ṣe ń sọ èyí, ojú rẹ̀ ń tàn. Mo ní kó dákẹ́, kó lọ kọ ìyẹn.

*

Ohun tó kọ lẹ́yìn náà, tó sì gbé síta:

"Ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Igbákejì akọ̀wé owó ni mí nílé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Tí ọkọ̀ bá já ẹrù, èmi ni mò ń kọ ìwọ̀n rẹ̀, tí mo sì ń wò ó bóyá owó tí wọ́n san fún àgbẹ̀ bá a mu. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Ọ̀gá mi ń kọ́ mi, wọn kì í jágbe mọ́ mi. Màmi tó ń jí lọ sídìí àmàlà kí ilẹ̀ tó mọ́ títí mo fi ṣe tán níléèwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ̀dá tó yá mi ní láptọ́ọ̀pù fún ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, mi ò gbàgbé. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ mélòó kan ti kọjá níwájú mi, mo sì ti ń fi ojú lásán mọ èyí tó kún àti èyí tó wulẹ̀ ga."

Kò sí ibì kan tó ti sọ pé òun rẹ ara òun sílẹ̀. Ó sọ ipò rẹ̀ bó ṣe wà, igbákejì, kò fi kún un. Ó sọ pé òun kò tíì mọ iṣẹ́ náà tán. Ìdùnnú rẹ̀ wá sá pa mọ́ sínú ìlà tó gbẹ̀yìn, ibi tó ti ń fọ́nnu díẹ̀ nípa ojú rẹ̀ tó ti ń là sí ẹrù ọkọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá bínú sí irú ìfọ́nnu yẹn, inú rẹ̀ ni kò dáa.

Mo ní kó yọ àmì ìyanu tó wà nínú ìlà àkọ́kọ́. Ó kọ̀. Òun ló jàre.

*

Ọ̀rọ̀ ìlà àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan. Instagram gbà kéèyàn kọ tó lẹ́tà 2,200 sábẹ́ fọ́tò, àmọ́ nǹkan bíi 125 àkọ́kọ́ ló ń hàn kó tó ká ìyókù pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ọmọ yìí. Àwọn tó rẹ́rìn-ín àti àwọn tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti jẹ àyè yẹn tán kí iṣẹ́ náà tó dé. Ẹni tó bá ń yí fóònù rẹ̀ kọjá á rí i pé wọ́n ṣẹ ọmọ kan, á ní "Ọlọ́run á jà fún ẹ," á sì bá tirẹ̀ lọ. Kò ní mọ̀ pé ó ríṣẹ́.

Ẹni tó bá ń fi àmì ohùn kọ Yorùbá tún ní àyè tó kéré sí i. Kọ̀ǹpútà kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ tó ní ohùn òkè. Lẹ́tà ẹ ló ń tọ́jú, tó sì ń gbé àmì ohùn lé e lórí bí ohun kejì, nítorí náà níbi tí wọ́n bá ti ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, méjì ló máa jẹ́. Síbẹ̀, mi ò rí ẹni tí èyí dí lọ́wọ́ rí.

*

LinkedIn ní tirẹ̀ máa ń bá èèyàn kọ ọ́. Tó o bá ti fi ipò tuntun sí ojú ìwé rẹ, tó o sì gbà pé kó kéde, yóò gbé gbólóhùn kan síwájú rẹ pé inú rẹ dùn láti sọ pé o ń bẹ̀rẹ̀ ipò tuntun, yóò fi orúkọ ipò àti ti ilé iṣẹ́ dí àyè tó ṣófo. Ọ̀gá báńkì àti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, gbólóhùn kan náà ni. Mi ò bínú sí i. Àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ló ń ka ibẹ̀, orúkọ ipò àti déètì ni wọ́n ń wá. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn gbé gbólóhùn yẹn wá síwájú ìyá rẹ̀ lórí WhatsApp.

*

Ìgbà wo ló yẹ kéèyàn gbé e síta? Ilé ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú lórí èyí. Màmá rẹ̀ fẹ́ kó gbé e síta lọ́jọ́ tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ dé. Bàbá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ ṣe é títí owó oṣù àkọ́kọ́ á fi wọlé. Àwọn èèyàn á ní ẹnu ayé ni bàbá ń sá fún, ó sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ohun tó sọ fún mi yàtọ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun kan kéde iṣẹ́ ní Èkó, wọ́n ṣe àsè fún un, oṣù mẹ́ta kọjá kò rówó gbà, ojú sì ń tì í láti padà wálé nítorí gbogbo Ayétẹ̀ ló ti kí i. Ìtìjú ìkéde yẹn ló dè é mọ́ ibi iṣẹ́ tí kò sanwó.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìdánwò ni àkókò àkọ́kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà ni. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ọdún méjì ni kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ ti di tiẹ̀. Ta ló lè pa ìdùnnú mọ́ra fún ọdún méjì? Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé kó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó ti mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ó ti mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ti rí i pé àwọn tó bá níbẹ̀ ń gba owó wọn. Mo rí i pé ó ṣe ọ̀rọ̀ náà lóore pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ìwé dé, kò tíì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ẹ̀gẹ́.

*

Èyí tó burú jù ni ìkéde iṣẹ́ tí kò sí. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé pé wọ́n ti mú ọ, kó o wá sí àdírẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbàdàn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kó o béèrè Ọ̀gbẹ́ni báyìí-báyìí. Ọmọ á fayọ̀ gbé e síta lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá débẹ̀, á bá ọgọ́rùn-ún èèyàn nínú gbọ̀ngàn, ẹnì kan á máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa ra ọjà, tí wọ́n á sì mú ẹlòmíràn wọlé. Tàbí kí wọ́n ní kó san owó aṣọ iṣẹ́, owó àyẹ̀wò ara, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

Béèyàn bá fara balẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń sọ irú ẹni tó jẹ́. Kì í dárúkọ ilé iṣẹ́, kì í sọ ipò tó fẹ́ gbé fún ọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tiẹ̀ sí pé o kọ̀wé sí wọn rí. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ gidi máa ń sọ ipò, owó oṣù, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, bí àkókò ìdánwò ṣe gùn tó, ẹnì kan sì máa ń buwọ́ lù ú pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. A lè wá orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ ohun tí ìyẹn fi hàn kò ju pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ. Olè náà lè forúkọ sílẹ̀. Ohun tó dáa jù ni kéèyàn wá nọ́ńbà ọ́fíìsì náà níbòmíràn, kì í ṣe èyí tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kó pè é, kó béèrè bóyá wọ́n mọ̀ nípa lẹ́tà náà. Kí wọ́n tó sanwó fún ọ, kí lo wá ń sanwó fún wọn sí?

*

Táyé kan wà ní Ìgbò-Ọrà tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, ní Abẹ́òkúta. Kẹ́hìndé rẹ̀ kò tíì rí. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n lọ, ọdún kan náà ni wọ́n jáde, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan náà ló tẹ ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́. Ní ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ìbejì láti 2018, ẹnikẹ́ni kò lè rí fọ́tò ẹnì kan nínú wọn kó má wá ojú ẹnì kejì. Ohun tí a bá fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ fún èkejì. Aṣọ, bàtà, ẹran inú ọbẹ̀. Iṣẹ́ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ayé yóò fún ọ̀kan láìfún èkejì.

Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé: "Kẹ́hìndé mi, fọkàn balẹ̀, tìrẹ náà ń bọ̀ lọ́nà." Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ó fi han Kẹ́hìndé kó tó gbé e jáde, Kẹ́hìndé sì ní kó pa á rẹ́. Ó ní tó bá gbé ìyẹn síta, gbogbo ìlú á máa fi ojú àánú wo òun títí di Kérésì, àwọn tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń wáṣẹ́ á wá mọ̀, àwọn àǹtí ní ṣọ́ọ̀ṣì á sì máa gbé ọwọ́ lé òun lórí. Táyé wá kọ ọ́ láìdárúkọ Kẹ́hìndé rárá. Ìyá wọn ni kò gba ìyẹn. Ó ní ṣé Táyé nìkan ni òun bí ni.

Wọ́n fi ọjọ́ kan jà lórí rẹ̀. Ohun tó jáde níkẹyìn kò gùn. Ó sọ iṣẹ́ tó rí àti ibi tó wà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀ pé: "Kẹ́hìndé ló ya fọ́tò." Òótọ́ ni, òun ló yà á, níwájú ilé wọn. Ìlà yẹn kò sọ pé ó ríṣẹ́ tàbí kò rí, kò ṣàdúrà lé e lórí níta gbangba, ó kàn fi í síbi tó wà gan-an, lẹ́yìn kámẹ́rà. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà sì mọ ohun tí wọ́n á fi dáhùn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé àgbà kì í kánjú, Kẹ́hìndé ló rán Táyé lọ tọ́ iṣẹ́ wò bóyá ó dùn. Òmíràn ní kí Táyé tètè ránṣẹ́ padà. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ dá sí i pé òun ń retí àbọ̀.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìkéde iṣẹ́, mi ò tíì rí ìlà tó dáa ju ìyẹn lọ.

*

Fọ́tò náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọmọ Tápà yìí fẹ́ gbé káàdì ìdánimọ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́, àmì oníhò-dúdú tí fóònù ń kà, orúkọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń ya ìwé ìgbanisíṣẹ́ pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì ilé àti owó oṣù, wọ́n á wá fi gègé fóònù kùn ún lójú. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni gègé tí wọ́n ń lò. Èyí tí wọ́n fi ń fa ìlà aláwọ̀ sórí ìwé máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá; bó tilẹ̀ dúdú lójú, ẹni tó bá mú kí àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí i á ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n gé apá yẹn kúrò nínú fọ́tò pátápátá, ó tán.

Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kó tó ya nǹkan kan. Ọ̀gá ní kó má ya inú ilé ìṣiṣẹ́, nítorí orúkọ àwọn tó ń tajà fún wọn àti iye tí wọ́n ń san fún wọn wà lára pátákó. Ó ya tirẹ̀ níwájú ìsọ̀ àmàlà ìyá rẹ̀, ó fi káàdì kọ́rùn, ó yí ojú káàdì náà sẹ́yìn. Màmá wà nínú fọ́tò, ó di orógùn mú, kò mọ̀ pé wọ́n ń ya òun. Mi ò lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

*

Bàbá kò fẹ́ kó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà àti ọ̀nà tó wà. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọlu Igangan lóṣù kẹfà 2021, àwọn òbí ní Ìbàràpá Àríwá kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ọ̀nà tí ọmọbìnrin wọn ń gbà àti aago tó ń gbà á. Igangan kò jìnnà sí wa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé "ilé iṣẹ́ ẹ̀gẹ́" lásán ló wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ ibi tó jẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò nílò rẹ̀.

*

Àwọn kan ń pe ibi tí wọ́n ti sìnrú ìlú ní iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Láti 1973 tí ìjọba Gowon ti dá NYSC sílẹ̀, ìjọba ló ń pín ọmọ sí ibi tó máa sìn, kì í ṣe pé ẹnì kan wo ìwé rẹ̀ tó sì ní òun fẹ́ ẹ. Tí ọdún kan bá pé, wọ́n á fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó parí. Àfi bí ibi tó ti sìn bá dá a dúró. Ìyẹn iṣẹ́ ni, kó kéde rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀ràn owó so méjèèjì pọ̀ lọ́nà tí kì í wọ inú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò. Àláwì àwọn àgùnbánirọ̀ ti di 77,000 náírà láti 2025. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 láti 2024, òfin náà kò sì mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Nítorí náà, ọmọ lè bọ́ kákí, kó ríṣẹ́ gidi, kí owó rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Tó bá wá fi ìlà mẹ́rin péré kéde iṣẹ́ náà, àwọn èèyàn á ní ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìṣirò ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán ló ń ṣe lọ́wọ́.

*

Àbúrò ọmọ Tápà yìí fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan náà. WhatsApp ló bẹ̀rẹ̀ sí. Ohun téèyàn bá gbé sórí sítátọ́ọ̀sì níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ní nọ́ńbà ara wọn lórí fóònù nìkan ló ń rí i, ó sì ń kúrò lẹ́yìn wákàtí 24. Ó tún ń fi orúkọ ẹni tó wò ó hàn. Bàbá rẹ̀ ń bi í léraléra pé ta ló ti wò ó. Nígbà tó gbọ́ pé àbúrò òun ọkùnrin tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ìyá àgbà ti wò ó, tí kò sì sọ nǹkan kan, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó kúkú ti rí i."

*

Ìdáhùn tó wọlé kò ju oríṣi mẹ́ta lọ. Àwọn àgbà ń ṣàdúrà pé á bá a kalẹ́, pé ẹ̀mí rẹ̀ á jẹ ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń béèrè ìgbà tí owó oṣù máa wọlé tí wọ́n á wá jẹun. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó kọ sí i ní kọ̀rọ̀, pé ṣé àyè ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ni mo ní kó ronú lé lórí jù. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ni, ọ̀pọ̀ wọn ti ń wáṣẹ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kí ó má sọ pé "Ọlọ́run á ṣe é" kó sì dákẹ́. Kí ó má sì ṣèlérí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Kò tíì lo oṣù kan, kò mọ ẹni tó ń gbani síṣẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí àyè ní ọ́fíìsì, àmọ́ wọ́n máa ń gba àwọn tó ń wọn ẹ̀gẹ́ nígbà tí ẹrù bá ń wọlé dáadáa, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sanwó fún wọn, wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ohun tí ọ̀gá sọ bó ṣe sọ ọ́, títí kan iye tí wọ́n ń san lóòjọ́. Méjì bínú pé ṣé iṣẹ́ ìwọ̀n ló rí fún àwọn tó ní HND. Ọ̀kan béèrè aago tí wọ́n ń dé.